Ṣé bọ́ọ̀dù "Drive slow" àdúgbò wa jẹ̀bi lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn lándíloòdù àdúgbò wa ní Ṣómólú dáwó jọ, wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kan bá àwọn kọ bọ́ọ̀dù sẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn oníkẹ̀kẹ́ márúwá ti sọ àdúgbò di pápá eré, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ gàdàgbà pẹ̀lú ọ̀dà pupa: "DRIVE SLOW, CHILDREN PLAYING". Ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúùpù wọ́sáàpù wa, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà fi fèsì pé bọ́ọ̀dù yẹn ń dójú ti gbogbo wa, pé "slowly" ló yẹ kí wọ́n kọ, pé ọmọ praímárì mẹ́fà gan-an ò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Ni ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà bá bi bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé 'drive fastly' la ó máa sọ fún ẹni tó ń sáré náà?" Ibẹ̀ ni ilé ti dàrú. Àwọn kan ní "fastly" wà, àwọn kan ní kò sí, ẹnì kan ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ òun. Títí di aago mọ́kànlá alẹ́ wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á.

Èmi àti àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó ní kí n bá òun wo lẹ́tà tí òun fẹ́ fi wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Maríínà, mo kà á, ẹ̀rín dẹ̀ kúrò lẹ́nu mi. Ohun tó kọ nìyí, mo gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀ kí n tó gbé e síbí:

"I work hardly. I learn fastly. I am never lately. I speak to customers friendly. I felt badly when our shop was closed."

Sẹ́ńtẹ́ǹsì márùn-ún, àṣìṣe márùn-ún, gbogbo wọn dẹ̀ wá láti ibì kan náà. Àbúrò mi ò ya dọ̀bọ̀ o, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó kàn di òfin kan tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ mú ju bó ṣe yẹ lọ ni. Òfin yẹn náà ni bàbá tíṣà dì mú. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Kí ni wọ́n ń pè ní àpèjúwe, kí ni àpọ́nlé?

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe, tí àwọn tíṣà gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ájẹ́kítíìfù, ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí èèyàn tàbí nǹkan ṣe rí. Ilé ńlá, aṣọ pupa, òkúta líle. "Ńlá", "pupa" àti "líle" ń bá wa júwe ilé, aṣọ àti òkúta. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni wọ́n ń pè ní ádífáàbù. Orúkọ tí àwọn àgbà fún un lédè wa yìí dùn mọ́ mi gan-an, torí pé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ló wà nínú orúkọ ẹ̀: ó ń pọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn lé. Èèyàn lè ní "ó ń rìn" kó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti pé, ṣùgbọ́n tó bá ní "ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́", ó ti pọ́n ìrìn yẹn lé, a ti mọ bí ẹni náà ṣe ń rìn ín. Ó tún lè pọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí lé, bíi "gbóná janjan" tàbí "ga fíofío", bí àwọn gẹ̀ẹ́sì náà ṣe máa ń sọ pé "really hot" tàbí "very tall".

Báyìí, òfin tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni pé, mú àpèjúwe, lẹ "ly" mọ́ ọn nídìí, ó ti di àpọ́nlé. "Quick" di "quickly", "careful" di "carefully", "honest" di "honestly". Òfin yẹn dáa, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ jù ú nù. Ibi tó ti ń da èèyàn rú ni pé tíṣà ò sọ fún wa pé "ly" kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di àpọ́nlé. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú sẹ́ńtẹ́ǹsì ló ń sọ ọ́ di àpọ́nlé.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ èwo?

Kẹ́ ẹ tó ronú gẹ̀ẹ́sì rárá, ẹ wo ọ̀rọ̀ wa kan, "dáadáa". Tí mo bá ní "ọmọ dáadáa ni", ọmọ ni mò ń júwe. Tí mo bá ní "ó se ọbẹ̀ náà dáadáa", sísè ni mò ń pọ́n lé. Ọ̀rọ̀ kan náà, kò yí padà, a ò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ nídìí, kò dẹ̀ sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tó máa ṣì í gbọ́. "Gidi" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rẹ́ gidi", ọ̀rẹ́ là ń sọ. "Òjò rọ̀ gidi lánàá", rírọ̀ òjò là ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí àti ohun tó fara tì la fi ń mọ̀.

"Fast" àti "hard" ni "dáadáa" àti "gidi" tiwọn. "A fast car", irú mọ́tò wo ni? Mọ́tò tó yára. "He drives fast", báwo ló ṣe ń wa mọ́tò? Pẹ̀lú eré. Ẹ rí i pé ìbéèrè méjèèjì yàtọ̀: tí ọ̀rọ̀ bá ń dáhùn "irú èwo?", àpèjúwe ni, tó bá ń dáhùn "báwo ló ṣe ṣe é?", àpọ́nlé ni. "A hard exam", irú ìdánwò wo? Èyí tó le. "She reads hard", báwo ló ṣe ń kàwé? Ó ń kà á kárakára. Ẹ má wo ìdí ọ̀rọ̀, ẹ wo ohun tó ń bá ṣiṣẹ́.

Irú àpọ́nlé tí kò ní "ly" yìí, tí ojú ẹ̀ bá ti àpèjúwe dọ́gba, ni wọ́n ń pè ní "flat adverb" lédè gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ní àpọ́nlé pẹlẹbẹ, torí pé kò sí ìrù nídìí ẹ̀. "Fast", "hard", "late" àti "straight" wà nínú wọn. "Fastly" ò sí nínú gẹ̀ẹ́sì táà ń lò, pásítọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ló dá tiẹ̀ sílẹ̀. "Quickly" ni ẹni tó bá ń wá "ly" ní dandan lè lò dípò.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwọn pẹlẹbẹ yìí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìjókòó wọn. "He drives fast" dáa, "he ran fast" dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú, "he fast ran", gbogbo ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì máa wò yín. Àwọn tó ní "ly" ló lè rìn káàkiri, "he quickly ran" àti "he ran quickly", kò sí èyí tó burú. Ó dà bíi pé "ly" yẹn ni owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kúrò lójú kan.

Kí ló dé tí "fast" àti "hard" ò gba "ly" bíi tàwọn tó kù?

Èyí ni bàbá tíṣà ò rí sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yanjú ẹjọ́ náà. Ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, gẹ̀ẹ́sì ò rí bó ṣe rí lónìí. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ sọ àpèjúwe di àpọ́nlé, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi "e" kan ṣoṣo sí i nídìí. "Heard" ni wọ́n ń pe ohun tó le, "hearde" sì ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé wọ́n ṣe nǹkan kárakára. Méjèèjì yàtọ̀ létí, kò sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ẹnu èèyàn ṣe rí. "Ẹ jọ̀wọ́" la bá lọ́wọ́ àwọn àgbà, "ẹ jọ̀ọ́" là ń sọ lónìí, ẹnu ti gbé "w" mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu àwọn gẹ̀ẹ́sì ṣe gbé "e" ìdí ọ̀rọ̀ yẹn mì díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá wọn ò pè é mọ́ rárá. Bí "hearde" ṣe di ọ̀kan náà pẹ̀lú "heard" nìyẹn, tí àpèjúwe àti àpọ́nlé wá ń wọ aṣọ kan náà. Torí náà "hard" tó ń ṣiṣẹ́ àpọ́nlé kì í ṣe àpèjúwe tó ṣi ọ̀nà, àpọ́nlé tòótọ́ ni látìbẹ̀rẹ̀, ìrù ẹ̀ ló já.

"Ly" náà ní ìtàn tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ló ti wá, "lic", tó túmọ̀ sí ara tàbí ìrísí. "Freondlic" ni wọ́n ń pe ẹni tó ní ìrísí ọ̀rẹ́, òun ló di "friendly". Àpèjúwe ni. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di àpọ́nlé, wọ́n á tún fi "e" kan náà sí i, á di "lice". Nígbà tí "e" tún já bọ́ níbẹ̀ náà, àpèjúwe tó ní "ly" àti àpọ́nlé tó ní "ly" di ìbejì. Ìdí nìyẹn tí "ly" ò fi lè jẹ́ ẹ̀rí tó dájú títí dòní.

Ta ló wá ní "drive slow" jẹ̀bi? Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn tó ń kọ ìwé òfin fún gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí i. Ọ̀kan tó lórúkọ jù nínú wọn ni Robert Lowth, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1762 ó tẹ ìwé gírámà kan jáde, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fi àpèjúwe ṣe iṣẹ́ àpọ́nlé, ó ní kò bá èdè gẹ̀ẹ́sì mu. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tíṣà gbé dání fún ìgbà pípẹ́, àti àwọn tíṣà tó kọ́ àwọn tíṣà wa. Ojú ẹni tó gba ẹ̀kọ́ yẹn, "slow" nínú bọ́ọ̀dù wa ń jalè iṣẹ́ "slowly". Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn ò tẹ̀lé bíṣọ́ọ̀bù tán, wọ́n ń sọ tiwọn lọ.

Kí ló wà nínú "hardly" tó fi léwu tó bẹ́ẹ̀?

Ká padà sí lẹ́tà àbúrò mi. "Fastly" máa pa ẹni tó bá kà á lẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀, wọ́n á mọ ohun tó ní lọ́kàn. Èyí tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ni "hardly", torí pé "hardly" wà nínú gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mìíràn ló kàn ń ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ "hardly" sórí láìgbàgbé, ẹ rántí "agbára káká". Òun gan-an ni. "I can hardly hear you", agbára káká ni mo fi ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. "He hardly works", agbára káká ni ọkùnrin yẹn fi ń ṣiṣẹ́, ká kúkú sọ pé kì í ṣe é. "There is hardly any fuel", epo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ìtàn "hardly" pàápàá gba ọ̀nà tí "agbára káká" wa gbà: ó ti fìgbà kan jẹ́ pé ẹni tó bá fi ipá ṣe nǹkan ni wọ́n ń sọ, ó di ẹni tí nǹkan nira fún kó tó rí i ṣe, ó wá di ẹni tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ṣe rárá. Ẹ wo bí "agbára" tó wà nínú "agbára káká" náà ṣe padà ń sọ̀rọ̀ àìlágbára.

Nítorí náà, ohun tí àbúrò mi ní lọ́kàn ni pé òun ń ṣiṣẹ́ kára, ohun tí ọ̀gá ní Maríínà máa gbọ́ ni pé ọmọbìnrin yìí kì í fẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́, ó dẹ̀ tún fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, 'serious' ń di 'seriously', kí ló dé tí tèmi ò lè di 'hardly'?" Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé "hard" ti ní àpọ́nlé tiẹ̀ látijọ́, èyí tí ìrù ẹ̀ já yẹn, "hardly" náà kọ́kọ́ bá a ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun bá wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ilé kan ò gba ìyàwó méjì tí orúkọ àti iṣẹ́ wọn jọra, ọ̀kan máa kó lọ sí yàrá mìíràn ni.

Àmì kan wà tẹ́ ẹ lè fi dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Hard" máa ń jókòó sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, "hardly" máa ń jókòó síwájú ẹ̀. "She works hard." "She hardly works." Àti pé "hardly" ti gbé "kò" sínú ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ "not" mìíràn. "I can't hardly breathe" ni ẹnì kan pariwo nínú dánfó tó kún dẹ́múdẹ́mú ní Ojúẹlẹ́gbà lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ọ, àánú ẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n "I can hardly breathe" ti tó o.

Ṣé àwọn mìíràn wà tó ń ṣe bíi "hardly"?

Wọ́n wà, wọn ò pọ̀, mi ò dẹ̀ ní kó gbogbo wọn síbí kí orí má baà fọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ gba "late" àti "lately". "Late" ni pípẹ́, ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: "a late bus", bọ́ọ̀sì tó pẹ́, "the bus came late", bọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dé. "Lately" ò bá pípẹ́ tan rárá, "láìpẹ́ yìí" ló túmọ̀ sí, tàbí bá a ṣe máa ń sọ ọ́, "lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí". "I have not seen him lately", mi ò rí i lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ wá wo sẹ́ńtẹ́ǹsì kẹta nínú lẹ́tà, "I am never lately". Àbúrò mi fẹ́ sọ pé òun kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. "I am never late" ló yẹ.

"Near" ni ìtòsí, "nearly" ni "ó kù díẹ̀". Tí kọńdọ́ bá ní "we are near Yaba", ẹ ti sún mọ́ Yábàá. Tí ẹnì kan bá ní "I nearly fell at Yaba", ó kù díẹ̀ kó ṣubú níbẹ̀. "Near" lè jẹ́ wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan gírámà.

Tí ọ̀rọ̀ bá ní "ly", ṣé àpọ́nlé ni dandan?

Rárá, mo ti sọ ọ́ lókè pé ìbejì ni wọ́n. "Friendly", "lovely", "lonely", "elderly", "ugly" àti "silly", àpèjúwe ni gbogbo wọn, èèyàn àti nǹkan ni wọ́n ń júwe. Èyí tó rọrùn láti fi mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé, ẹ já "ly" kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló kù, bíi "friend", "love" tàbí "coward", àpèjúwe ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ àpèjúwe ló kù, bíi "quick" tàbí "honest", àpọ́nlé ló sábà máa ń jẹ́. Ọgbọ́n yìí ò mú gbogbo wọn o, torí tẹ́ ẹ bá já "ugly" àti "silly", "ug" àti "sil" ló máa kù sí yín lọ́wọ́, wọn ò dẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Àwọn bíi "daily" àti "weekly" tún wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "A daily contribution", àjọ ojoojúmọ́. "She pays daily", ojoojúmọ́ ló ń san án.

Nítorí náà "I speak to customers friendly" ò tọ̀nà, torí pé "friendly" ò lè pọ́n sísọ̀rọ̀ lé. Àwọn kan máa ń gbìyànjú "friendlily". Ó wà nínú díkíṣọ́nárì o, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa rí ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi lò ó. "In a friendly way" ni wọ́n ń sọ. Àbúrò mi yọ gbogbo ẹ̀, ó kọ "I am friendly with customers". Ó tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ.

Kí ló burú nínú "I felt badly"?

Èyí ni wọ́n máa ń ṣì jù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ òfin tán, torí "felt" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èèyàn á ní ohun tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ àpọ́nlé. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò ṣe nǹkan kan, afárá ni wọ́n, wọ́n kàn ń so ẹni tá à ń sọ mọ́ bó ṣe rí. "Be" ni olórí wọn, "seem", "become", "look", "feel", "smell", "taste" àti "sound" ń tẹ̀ lé e. Lédè tiwa, a kì í sábà fẹ́ afárá yẹn, torí pé "ga", "dùn" àti "tutù" ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra wọn, "ọbẹ̀ náà dùn", ó parí. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi sáàárín, "the soup tastes good".

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ afárá ni pé kẹ́ ẹ fi "is" tàbí "was" rọ́pò ẹ̀. "The soup smells bad", "the soup is bad", ó ṣì lọ, afárá ni, torí náà àpèjúwe ló máa tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ní "the soup smells badly", ẹ ti fún ọbẹ̀ nímú nìyẹn, ó ń gbóòórùn nǹkan, kò dẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ afárá níbì kan kó ṣiṣẹ́ níbòmíì. "The conductor looked angry", inú kọńdọ́ ń bí i, ojú ẹ̀ fi hàn. "Was" lè rọ́pò "looked", àpèjúwe ló tọ́. "The conductor looked angrily at me", ó wò mí tìbínú-tìbínú. Ẹ gbìyànjú "was angrily at me", kò lọ. Ojú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń wò, torí náà àpọ́nlé ló tọ́.

"I felt bad" ni àbúrò mi fẹ́ kọ, pé inú òun bàjẹ́. Ẹ máa gbọ́ "I feel badly" lẹ́nu àwọn gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn nígbà míì, àwọn kan ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ẹ jẹ́ kó jẹ́ "bad".

Bọ́ọ̀dù wa wá ńkọ́?

"Drive slow" ò jẹ̀bi. "Slow" wà nínú àwọn àpọ́nlé pẹlẹbẹ, díkíṣọ́nárì ńláńlá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òmìnira tó "fast" ní. "Fast" ò ní orogún, òun nìkan ló wà, a lè lò ó níbikíbi, nínú lẹ́tà, nínú ìdánwò. "Slow" ní "slowly" lẹ́gbẹ̀ẹ́, "slowly" ló dẹ̀ lọ́lá jù nínú ìwé tó bá ṣe pàtàkì. Ibi tí "slow" ti ń jayé ni lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn, pàápàá nínú àṣẹ kúkúrú: "drive slow", "walk slow", "go slow". Ẹ kúkú wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, gosiló tí gbogbo Èkó fi ń bú ọ̀nà láràárọ̀, "slow" inú ẹ̀ kò ní "ly", kò dẹ̀ sí tíṣà tó ti bá a jà rí. Tẹ́ ẹ bá kúrò nídìí ìrìn, ẹ lo "slowly". "He slowly opened the door" lẹ máa kọ, "he slow opened the door" ò sí.

Mo kọ gbogbo èyí ní kúkúrú sórí gúrúùpù, mo fi ọ̀wọ̀ sí i dáadáa torí àgbà ni bàbá. Bàbá ní òun gbọ́, pé ṣùgbọ́n "slowly" náà ò ṣe burúkú. Òótọ́ ni, kò burú. Bàbá wá ní òun máa fi owó ara òun san owó "ly" yẹn. Oníṣẹ́ ọ̀dà padà dé lọ́jọ́ Sátidé, ó wo bọ́ọ̀dù, ó ní kò sáàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ "W" mọ́ torí "CHILDREN" ti gba ibẹ̀, ó bá fi "ly" kékeré kan há abẹ́ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ò tíì kà á.